Fawziyah àti Lísìtì Ọlọ́jọ́ Méje

Fawziyah, ìyàwó ọmọ mi Tawheed, kò ga. Bí ó bá ru agbọ̀n láti ọjà, agbọ̀n náà ni ẹ ó kọ́kọ́ rí tó ń bọ̀, òun á wá yọ nísàlẹ̀ rẹ̀ bí ẹni tí agbọ̀n rán níṣẹ́. Ṣùgbọ́n mo ti rí i lójú ara mi tó dúró níwájú ìyá kan tó ń ta ẹ̀wà, tó kàn tẹjú mọ́ kọ́ńgò tí ìyá náà wọ̀n fún un, tí kò sọ̀rọ̀. Ìyá yẹn da ẹ̀wà náà padà sínú àpò, ó sì tún un wọ̀n kún dẹ́ńdẹ́ńdẹ́n. Láti ọjọ́ náà, wọ́n ní gbogbo ayé ni ìyá náà ń wọ̀n kún fún, títí kan àwọn ọ̀tá rẹ̀. Àsọdùn lè wà nínú ìyẹn. Èmi kúkú ni mo sọ ọ́.

Agboolé wa ní Ẹdẹ níbí ló ń gbé, yàrá méjì àti pálọ̀ kan, pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ àti ọmọ mẹ́ta: Hasanat, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, Usamah, ọmọ ọdún mẹ́wàá tí ikùn rẹ̀ kò ní ìsàlẹ̀, àti Zulfah, ọmọ ọdún mẹ́fà, tó máa ń béèrè ohun tí àgbà ń sá fún. Ẹni márùn-ún nìyẹn. Èmi ni ẹnì kẹfà, ṣùgbọ́n wọn kì í kà mí, nítorí abọ́ kan péré ni mò ń jẹ níbẹ̀ lálaalẹ́, tìtìjú-tìtìjú sì ni mo fi ń jẹ ẹ́.

Aránṣọ ni Fawziyah. Tawheed jẹ́ akọ̀wé ibi ìkẹ́rùsí ní ilé-iṣẹ́ kan tó ń lọ oúnjẹ adìẹ. Àpò ọkà ló ń kà láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, ó sì gbà pé ẹni tó bá lè ka àpò, kò sí ohun tí kò lè kà. Nínú owó oṣù rẹ̀, ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n náírà ló ń yọ sílẹ̀ fún oúnjẹ lọ́sẹ̀. Nígbà èwe mi, owó yẹn ì bá ra ilé, á ra àwọn tó ń gbé inú rẹ̀, á sì kù tí a ó fi sanwó ọdẹ. Lónìí, oúnjẹ ẹni márùn-ún ló ń rà, ìyẹn bí ẹni tó ń ná an bá mọ ohun tó ń ṣe.

Fawziyah mọ̀ ọ́n. Kò sí ìwé kan tó kọ ọ́ sí. Ọjà ọlọ́rọ̀ọ̀rún tó wà lójú ọ̀nà Alájùẹ ló ń ná, níbi tí àwọn àgbẹ̀ fúnra wọn ti ń tẹ́ ohun tí wọ́n hú sílẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ bí ọjà ọrún ṣe ń rìn: bí wọ́n bá ná an lónìí Sátidé, Ọjọ́rú ni wọn ó tún ná an, lẹ́yìn ìyẹn ó di Sọ́ńdè, lẹ́yìn ìyẹn ó di Ọjọ́bọ̀. Ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin ni Fawziyah sì pín ìkòkò rẹ̀ sí. Bí ó bá ra gàrí àti ẹ̀wà ní ọjà yìí, ẹlùbọ́ àti ìrẹsì ni yóò rà ní ọjà tó tẹ̀ lé e, kí ohun tó wúwo má baà pàdé ara wọn lórí owó kan náà. Ata, ẹ̀fọ́ àti ẹja ni kì í fò ní ọjà kankan, nítorí wọn kì í pẹ́. Òun àti Kúlúsúmù, aládùúgbò wa, á da owó pọ̀ ra agbọ̀n ata kan, wọ́n á pín in sí méjì. Òun á lọ tirẹ̀, á sè é títí omi rẹ̀ yóò fi gbẹ, á da epo lé e lórí. Bí kò tilẹ̀ sí iná fún fíríìjì láti ọjọ́ yìí dé ọjọ́ Àlùkìyámọ̀, ata Fawziyah kò ní bàjẹ́. Tó bá di ọwọ́ Alásàrì ló tó ń lọ sọ́jà, nígbà tí àgbẹ̀ ti ń wo ojú ọ̀run, tó ń ronú bí òun yóò ṣe ru iṣu padà sílé. Àgbẹ̀ tó ti rẹ̀, ọ̀rẹ́ obìnrin tó ní ọmọ mẹ́ta ni.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n pe Tawheed sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ méjì lórí bí a ṣe ń ṣọ́ owó ná. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ibi iṣẹ́ wọn ló ṣètò rẹ̀. Wọ́n fún wọn ní bírò kan, ìwé kan àti mítípáì kọ̀ọ̀kan. Mítípáì ni gbogbo àwọn tó kù gbé wálé. Ọmọ tèmi nìkan ló gbé ọgbọ́n bọ̀.

Ó bá ìyàwó rẹ̀ nínú pálọ̀ níbi tó ti ń gán etí aṣọ. Mo wà níbẹ̀. Abọ́ mi ni mo ń dúró dè.

“Ìyá Hasanat,” ó ní, “ọjọ́ wo lo ń lọ sọ́jà?”

“Ọjọ́ ọjà.”

“Mo mọ̀. Ọjọ́ wo?”

“Ọjọ́ tó bá bọ́ sí ni, Bàbá Hasanat.”

Tawheed yíjú sí mi bí ẹni tó mú olè. “Bàbá, ẹ gbọ́? Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ọjọ́bọ̀ ló lọ. Lọ́sẹ̀ yìí, ó ti lọ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó tún ń múra àtilọ lọ́jọ́ Jímọ̀! Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ kan! Kò sí ètò. Bí ẹsẹ̀ bá ṣe ń yún un ló ṣe ń lọ. Ibẹ̀ gan-an ni owó ń bá jáde. Ìdílé tó gbọ́n máa ń ní lísìtì kan, ọjọ́ kan, ìrìn kan. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀!”

Fawziyah gé òwú pẹ̀lú eyín. “Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?”

“Olùkọ́ wa. Láti Èkó ló ti wá.”

“Ó ti ná ọjà wa rí?”

“Kí ni ti ọjà? Ìṣirò ni ìṣirò!”

Bí ọ̀rọ̀ ṣe di tẹ́tẹ́ nìyẹn. Tawheed ní òun yóò gba àpò owó oúnjẹ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Òun ni yóò kọ lísìtì, òun ni yóò ná ọjà. Bí òun bá bọ́ ẹni márùn-ún yó fún ọ̀sẹ̀ méjèèjì, tí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta sì ṣẹ́kù lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ òun ni àpò náà yóò máa wà títí ayé. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, yóò dá a padà, kò sì ní dá sí i mọ́.

Mo rí ojú Fawziyah. Ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe eré létí rẹ̀. Obìnrin tí àpò oúnjẹ bá ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ yóò máa na ọwọ́ tọrọ owó mágì, yóò sì máa ṣàlàyé iyọ̀. Ó ti rí i ṣẹlẹ̀ sí ìyá tirẹ̀, ní Awo, tó jẹ́ pé àgbà obìnrin náà máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ní àràárọ̀ kí ọkọ tó jáde, bí akẹ́kọ̀ọ́ tó pẹ́ dé. Fawziyah kò sọ ìyẹn fún ọkọ rẹ̀. Ó kàn béèrè pé:

“Ọjọ́ wo lẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀?”

“Sátidé tó ń bọ̀ yìí kọ́, èyí tó tẹ̀ lé e. Gbogbo Sátidé. Kí ẹnikẹ́ni má sì dá sí lísìtì mi. Ẹni tó bá sọ̀rọ̀ ti bà á jẹ́.”

Fawziyah fi àtàǹpàkò ka ìka ọwọ́ rẹ̀ lábẹ́ aṣọ tó ń gán. Ó kà á lọ, ó kà á bọ̀, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. “Ẹ bẹ̀rẹ̀ o. Ọlọ́run á fún yín ṣe.”

Èmi náà ka ìka tèmi. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, àmọ́ ọ̀gá lísìtì ti ní kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀. Ọmọlúàbí ni mí, mo máa ń pa àṣẹ mọ́ bí ó bá ti máa dùn ún wò.

Lísìtì Tawheed, ẹ ò rí nǹkan! Kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ wọn ló fi tẹ̀ ẹ́, pẹ̀lú ìlà àti àpótí bíi ti ìwé ilẹ̀. Gàrí kọ́ńgò méjì, ìrẹsì méjì, ẹ̀wà méjì, ẹlùbọ́ méjì, iṣu méjì. Mo bi í léèrè ìdí tí gbogbo nǹkan fi jẹ́ méjì-méjì. Ó ní kó baà rọrùn láti ṣírò. Lẹ́yìn ìyẹn ló kan ata, tòmátò àti àlùbọ́sà, ìgò epo pupa kan, àti ààbọ̀ kílò ẹja kòtè. Ó fi àyè sílẹ̀ nísàlẹ̀ fún ìbuwọ́lùwé. Kò sí ẹni tó bá a bu ọwọ́ lù ú, ó bá dá a bu ọwọ́ lù fúnra rẹ̀.

Sátidé àkọ́kọ́ náà, bí Ọlọ́run ṣe máa ń fẹ́ràn ẹni tí kò mọ nǹkan, ọjọ́ ọjà gan-an ló bọ́ sí. Tawheed gun ọ̀kadà lọ, kẹ̀kẹ́ ló gbé e bọ̀ nítorí ẹrù. Gàrí, ẹgbẹ̀rún náírà ó dín ọgọ́rùn-ún fún kọ́ńgò kan. Iṣu tó ga tó Zulfah, ẹgbẹ̀rún kan àti igba. Nígbà tó parí ìṣirò, ẹgbẹ̀rún méjìlélógún ló ná, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ṣẹ́kù gééré, kò lé, kò dín. Ó tẹ́ owó náà sórí tábìlì lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń to káàdì.

“Ìyá Hasanat, kí ni o rí?”

“Owó ni mo rí.”

“Ètò ni o rí!”

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó fi ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náà ra sùyà fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́ láti fi hàn wọ́n bí a ṣe ń tọ́jú owó.

A jẹun lọ́sẹ̀ yẹn. N ò lè purọ́, a jẹun. Ohun tí Tawheed kò kíyè sí ni pé lísìtì rẹ̀ kò ní iyọ̀. Kò ní irú, kò ní mágì, kò ní òróró, kò ní ògì tí àwọn ọmọ ń mu láàárọ̀. Àwọn tó ń ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kì í sọ̀rọ̀ irú. Inú àwọn agolo kéékèèké tí Fawziyah tò sẹ́yìn ààrò ni gbogbo ìyẹn ti ń jáde, àṣẹ́kù oṣù mélòó kan. Lójoojúmọ́ ni mo ń gbọ́ bí ṣíbí ṣe ń kan ìsàlẹ̀ agolo, kó, kó, kó. Tawheed náà ń gbọ́ ọ, ó rò pé ìlù ayọ̀ ni.

Ní alẹ́ Jímọ̀, oúnjẹ tán. Ó tán géérégé, bó ṣe kọ ọ́ sí ìwé. Kò sí ẹ̀kúnwọ́ gàrí kan nílé. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fò. “Kò sí ìfiṣòfò!” ó ní. “Lọ́la, Sátidé, a tún bẹ̀rẹ̀.”

Ọ̀la dé. Ó di ọ̀nà Alájùẹ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́hùn-ún, Fákúnlé ló sọ ọ́ fún mi, àgbẹ̀ kan tí a jọ mọra láti ìgbà pípẹ́. Ó wà nínú ọjà náà lọ́jọ́ yẹn, ó ń tún òrùlé àtíbàbà rẹ̀ ṣe. Ó ní òun rí ọkùnrin kan tó sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, ó wọ kaftánì, ó di àpò ṣófo mẹ́rin mú, ìwé funfun wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní ọkùnrin náà dúró láàárín ọjà, ó wo apá ọ̀tún, ó wo apá òsì. Àgùntàn mẹ́ta àti ewúrẹ́ kan ló wà níbẹ̀. Ewúrẹ́ náà ló kọ́kọ́ kí i.

“Ẹ ǹlẹ́ o, Bàbá,” ni Tawheed wí. “Ẹ jọ̀ọ́, àwọn ọlọ́jà dà?”

“Wọ́n wà lóko.”

“Ìgbà wo ni wọ́n ń dé?”

“Lọ́la.”

“Sátidé lòní, Bàbá!”

“Bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀la sì lọjà.” Fákúnlé sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà kó lè rí i dáadáa. “Ọmọ ibo ni ọ́?”

“Ọmọ Ẹdẹ.”

“Ẹdẹ tí mo mọ̀ yìí?”

Tawheed na ìwé sí i. “Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo wá níbí lọ́jọ́ Sátidé, ibí kún fọ́fọ́.”

“Ó kún. Ó tún kún lọ́jọ́rú. Yóò kún lọ́la. Ọ̀rọ̀ọ̀rún ni, ọmọ mi. Ọjà kò mọ Sátidé. Ìyàwó ńkọ́, o ní?”

“Mo ní.”

“Kò sì sọ fún ọ?”

Tawheed ká àpò ṣófo mẹ́rin náà pọ̀. Fákúnlé ṣàánú rẹ̀. Ó ní, “Wò ó, ra ohun tí ẹ ó jẹ lálẹ́ òní nìkan nígboro, kí o sì padà wá lọ́la. Èmi gan-an máa ta iṣu fún ọ.”

Ẹ wo bí ìgbàlà ṣe súnmọ́ ọmọ mi tó. Ó ku kó sọ pé ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n akọ̀wé ni. Ó wo ìwé rẹ̀, ó wo ìbuwọ́lùwé ara rẹ̀ nísàlẹ̀, ó sì sọ ọ̀rọ̀ tí Fákúnlé ń sọ káàkiri gbogbo oko títí di òní:

“Bàbá, kò sí ọ̀la nínú lísìtì mi.”

Ó bá padà sígboro, ó lọ rajà lọ́wọ́ àwọn alátùntà. Ẹ mọ bí ọ̀la ọjà ṣe ń rí: ohun tí àwọn alátùntà rà ní ọjà tó kọjá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, èyí tó kù sì ti ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun sùn. Gàrí ti di ẹgbẹ̀rún kan ó lé ọ̀ọ́dúnrún. Iṣu tó kéré jù tọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ di ẹgbẹ̀rún méjì ó dín igba. Ata tó rà, ìdajì ti tẹ́lẹ̀ ni, ó sì ti hun jọ bí ojú àwa arúgbó. Síbẹ̀, kò yí ohunkóhun padà. Méjì-méjì ni ìwé wí, méjì-méjì ló rà. Ìgbà tó fi máa dé ìdí epo, ẹgbẹ̀rún kan àbọ̀ péré ló ṣẹ́kù lápò rẹ̀. Ó ra epo ààbọ̀ ìgò. Ẹja kòtè, ó dúró níwájú ẹ̀, ó wò ó, ẹja náà wò ó, wọ́n sì pínyà láìsí ìjà. Ó san owó kẹ̀kẹ́. Àádọ́jọ náírà ló gbé wọlé.

Fawziyah tú ẹrù náà. “Ẹ kú ọjà o.”

“Ọjà dára,” ni Tawheed wí.

“Ẹja ńkọ́?” Zulfah nìyẹn. Mo ti sọ fún yín nípa ọmọ yẹn.

“Ó ń bọ̀.”

“Ó ń fẹsẹ̀ rìn ni?”

“Zulfah, lọ ka ìwé rẹ!”

Fawziyah gbé ìkòkò kaná, ó da ẹ̀wà sí i. Ó wá pe ọkọ rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, “Bàbá Hasanat, ẹ jọ̀ọ́, iyọ̀ dà?”

“Iyọ̀ wo?”

“Iyọ̀ tí a ó fi sí i.”

“Ṣebí iyọ̀ wà nílé!”

“Ó tán lánàá. Irú náà tán. Òróró tán lọ́jọ́rú.”

“Kí ló dé tí o kò sọ?”

“Ẹ ní ẹni tó bá sọ̀rọ̀ ti ba lísìtì jẹ́. Mi ò fẹ́ bà á jẹ́.”

Àádọ́jọ náírà náà lọ sórí iyọ̀. Bí ọ̀sẹ̀ kejì ti Ọ̀gá Ètò ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, kọ́bọ̀ kan kò sí lápò.

Lọ́jọ́ kejì, Sọ́ńdè, ọjà kún. Kúlúsúmù kọjá lójúde wa ní ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú agbọ̀n ata lórí, ata náà ń dán bí ẹni tó fi òróró para. Kúlúsúmù kì í sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Bí ó bá ń kí ara ilé kan ní Ẹdẹ, wọ́n ń jẹ́ ẹ ní Òṣogbo.

“Fawziyah! O ò wá sọ́jà! Èmi nìkan ni mo dá agbọ̀n rà o! Gàrí ṣì jẹ́ ẹgbẹ̀rún ó dín ọgọ́rùn-ún, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fi iṣu ṣe sàárà!”

“Àǹtí Kúlúsúmù, a ti rajà tiwa lánàá.”

“Lánàá? Ọ̀la ọjà? Lọ́wọ́ ta?”

“Lọ́wọ́ ètò.”

Tawheed wà lẹ́yìn fèrèsé. Mo rí kọ́tìnì tó mì.

Ní ọjọ́ Túsìdè, ata rẹ̀ tó kó sínú ọ̀rá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Fawziyah kò sè é, nítorí kò sí ọ̀rọ̀ sísè nínú lísìtì. Omi rẹ̀ ṣàn láti ìdí ààrò dé ẹnu ọ̀nà, ológbò gba ẹ̀yìnkùlé wọlé kó má baà tẹ̀ ẹ́. Usamah, tó ti rí i pé kò sí ẹja, pinnu láti fi ìrẹsì dí àlàfo náà, ó sì dí i tọkàntọkàn. Iṣu tán. Abọ́ tèmi lálẹ́ ọjọ́ yẹn, àmàlà ló wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú nǹkan pupa kan. Mo tọ́ ọ wò. Mo pe Hasanat, mo ní ọbẹ̀ kí nìyí. Ó ní, “Bàbá, Dádì ní kí a máa pè é ní ọbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.”

Ní Ọjọ́rú, bí mo ṣe ń ṣẹ́ tẹ̀sùbáà lẹ́yìn ìrun Alásàrì, Tawheed wọlé tọ̀ mí wá. Nítorí kò sí ọbẹ̀ gidi, ẹ̀wà, ìrẹsì àti ẹlùbọ́ ni gbogbo ilé ti fi dí ikùn; gàrí nìkan ló kù nílé, kò sì sí ṣúgà. Ọjọ́ mẹ́ta ló sì ṣì kù kí Sátidé tó dé. Kò jókòó.

“Bàbá, ẹ yá mi ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún.”

“Ti kí ni?”

“Oúnjẹ.”

“Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta tó ṣẹ́kù lọ́sẹ̀ tó kọjá ńkọ́?”

Ó wo ilẹ̀. N kò fẹ́ dárúkọ sùyà lójú ọmọ tí ebi ń pa, ṣùgbọ́n mo dárúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà mo ránṣẹ́ pe Fawziyah. Ó wọlé, ó kúnlẹ̀, ó jókòó sórí àga kékeré. Kò rẹ́rìn-ín. Ó rí i pé ọkọ òun ti rù láàárín ọjọ́ mẹ́rin péré.

“Ìyá Hasanat,” ni Tawheed wí, “mo ti ṣe àyẹ̀wò ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Mo rí i pé iṣẹ́ tó pọ̀ lọ́wọ́ mi kò jẹ́ kí n ráyè ojú ọjà. Mo ti pinnu láti yan ìwọ sí i.”

“Ẹ ti yàn mí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Kì í ṣe pé ẹ kùnà?”

“Ta ló sọ ìkùnà? Mo ní mo yàn ọ́!”

Mo fi tẹ̀sùbáà bo ẹnu. Fawziyah tẹ orí ba. “Ẹ ṣeun. Àmọ́ ọ̀nà tí a ń gbà fún mi lówó tẹ́lẹ̀ náà kò dára. Ẹ̀yin náà ti rí i pé ọ̀sẹ̀ àti ọjà kò jọ rìn. Mo fẹ́ kí ẹ máa fún mi lówó ní ìrọ̀lẹ́ ọ̀la ọjà kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ọ̀rún. Kó lè ní ètò.”

Bí Tawheed ṣe gbọ́ ‘ètò’, ojú rẹ̀ là. Ó yọ fóònù. “Dúró. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin jẹ́ ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n. Ọjà méje ló wà nínú ẹ̀. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lọ́nà mẹ́rin jẹ́ ọ̀kẹ́ márùn-ún, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún. Bí a bá pín in sí méje...” Ó tẹ̀ ẹ́. “Ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlá, igba náírà àti márùndínláàádọ́rùn-ún, àti kọ́bọ̀ díẹ̀.”

“Kọ́bọ̀?” ni Fawziyah wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. “Ta ló ń gba kọ́bọ̀ lọ́jà, Bàbá Hasanat? Àwọn àgbẹ̀ yẹn kì í ní ṣéńjì. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kó rọrùn láti ṣírò.”

“Òótọ́ ni,” ni ọmọ mi wí. “Ó rọrùn láti ṣírò.”

Ó san ti àkọ́kọ́ níbẹ̀, ó yá a lọ́wọ́ mi, nítorí Ọjọ́bọ̀ tó mọ́ lọ́la gan-an ni ọjà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìṣirò, ẹ ti rí i pé ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ́nà méje fi ẹgbẹ̀rún márùn-ún ju ọ̀kẹ́ márùn-ún lọ. Èmi náà rí i. Mo wo Fawziyah, ó ń wo ilẹ̀ bí ìyàwó tuntun. Àgbà kì í dá sí ọ̀rọ̀ tọkọtaya, pàápàá lọ́jọ́ tí wọ́n bá ti ṣèlérí ẹja fún un.

Ọjọ́bọ̀, a jẹ ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tí irú rẹ̀ ń pe ènìyàn láti ẹnu ọ̀nà, pẹ̀lú ẹja kòtè. Ààbọ̀ kílò náà ló gé sí ọ̀nà mọ́kànlá, mo sì ka méjì nínú abọ́ mi. Usamah jẹ títí ó fi dákẹ́, ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí rí. Zulfah béèrè bóyá ẹja náà ti wá gbé lọ́dọ̀ wa tán, tàbí ó kàn wá kí wa ni.

Òpin oṣù Kọkànlá nìyẹn. Tawheed kò lè ṣe kó má tẹ ìwé. Ó tẹ kàlẹ́ńdà fún oṣù Kejìlá, ó fi yíńkì pupa yí gbogbo ọjọ́ ọjà ká, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ilé ìdáná, kí ìyàwó òun má baà gbàgbé. Ọjà àkọ́kọ́ bọ́ sí ọjọ́ kìíní oṣù. Ó dúró síwájú rẹ̀ tìgbéraga-tìgbéraga, ó ń fi ìka kà á fún mi: ọjọ́ kìíní, ọjọ́ karùn-ún, ọjọ́ kẹsàn-án, títí ó fi dé ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n. Ó tún un kà láti ẹ̀yìn wá.

“Bàbá,” ó ní, “mélòó lẹ rí?”

“Mẹ́jọ.”

“Ṣebí méje ni mo ṣírò.”

“Ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n lo ṣírò. Ọjọ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni oṣù yìí ní.”

Ó tẹjú mọ́ ògiri náà bí ẹni pé ògiri ló fi ọ̀kan kún un nígbà tí òun kò wo ibẹ̀. Fawziyah kọjá láàárín wa, ó ń gbọn ìyàngbò gàrí kúrò nínú agbọ̀n rẹ̀.

“Ẹ má gbàgbé o, Bàbá Hasanat,” ó ní. “Ọ̀la lọjà.”